Ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó tí a fọwọ́ ara wa kọ: ìrántí mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Wáyà Mọ́níyà

Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ilé. Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Áńgílíkà ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, àlùfáà sì ti sọ fún wa pé ẹ̀jẹ́ inú ìwé àdúrà kò ṣe é pààrọ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ ka èyí tí a fọwọ́ ara wa kọ, kí a kà á níbi àsè. Àfẹ́sọ́nà mi ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní kí kálukú kọ tirẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí ìlérí tó ti ọkàn wá wà níbẹ̀, kí díẹ̀ nínú ohun tí ojú wa ti jọ rí náà sì wà níbẹ̀. Òun ti kọ tirẹ̀ tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi kọ ojú ewé méjì. Nígbà tí mo kà á fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní ó dà bí ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọ́n máa ń kà níbi ìsìnkú.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, òun ń ránṣọ ní Òjòó. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ:

"Olólùfẹ́ mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju ohunkóhun lọ láyé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni Ọlọ́run yàn fún mi. Mo rántí ọjọ́ tí a gun Òkè Ìdànrè. Mo rántí ọjọ́ tí òjò pa wá ní Dùgbẹ̀. Mo rántí bọ̀ọ̀lì tí a jẹ ní Ṣàgámù. Mo rántí ọjọ́ ìbí rẹ tí iná lọ. Mo rántí alẹ́ tí a fi rán aṣọ ẹbí. Mo ṣèlérí pé n kò ní mú ọ sunkún láé, n kò ní bínú sí ọ, inú rẹ yóò sì máa dùn ní gbogbo ìgbà."

Ìrántí mélòó ni kí n fi sílẹ̀? Ìlérí ńkọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni kó wà ni àbí ìparí?

Sísí Ẹ̀gbá

Ẹ kú oríire. Yọ gbogbo "mo rántí" yẹn, mú méjì níbẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, mẹ́ta. Bọ̀ọ̀lì Ṣàgámù, ta ló kàn?

Bàbá Ìbejì

Èwo wá ni ti ẹ̀jẹ́ kejì? Ṣebí ẹ ó ti sọ níwájú pẹpẹ pé ẹ gba ara yín ní rere àti ní búburú, nínú àìsàn àti nínú ìlera, títí ikú yóò fi yà yín. Kí ló tún kù? Fíìmù ló kó èyí bá wa. Níbi ìgbéyàwó Yorùbá, ẹbí ló ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkọ, kì í ṣe ìwé kíkà.

Ọmọ Jésù Kan

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ́ o. Èmi jẹ́ ẹ̀jẹ́ bí i ti Hánà nígbà tí mò ń wá ọmọ. Ọlọ́run dáhùn, ó sì gbà mí ní ọdún méjì gbáko kí n tó san án. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara mi ò balẹ̀. Ohun tí o ò bá lè san, má fẹnu jẹ́ ẹ.

Sísí Ẹ̀gbá

Mọ̀mí, kì í ṣe irú ẹ̀jẹ́ yẹn ni wọ́n ń bi wá o. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó ni. Àmọ́ gbólóhùn tí ẹ fi parí yẹn, kí Wáyà gbé e sétí. "N kò ní mú ọ sunkún láé." Ṣé wàá lè san ìyẹn?

Alága Ọ̀tà

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe alága ìdúró, tí mo sì tún máa ń darí ètò àsè. Láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àwọn tọkọtaya ti ń ka ẹ̀jẹ́ àfọwọ́kọ, nítorí náà mo ti gbọ́ èyí tó dùn, mo sì ti gbọ́ èyí tí wọ́n ń kà lọ́wọ́ tí àwọn èèyàn ti ń pe ẹni tó ń pín ọtí.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, n kò gbà pé a kò mọ irú nǹkan yìí tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Ìyá tó tọ́ ọ àti bàbá tó bọ́ ọ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe. Oríkì náà ńkọ́? Ẹni tó ń ki èèyàn kì í sọ pé "o dára, o dára." Ohun tí bàbá rẹ ṣe, ibi tí ó ti ṣe é, ohun tí ó sọ lọ́jọ́ náà ló ń kì. Ìdí nìyí tí orí fi ń wú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Wáyà wà. O ka ìrántí márùn-ún jọ bí ẹni tó ń ka ẹrù ìyàwó, ìkankan nínú wọn kò sọ ìwà ìyàwó rẹ. Lẹ́yìn náà lo wá fi ìlérí mẹ́ta sí ìsàlẹ̀, tí kò sí èyí tó bá ìrántí kankan tan. Gbogbo ọkọ tó wà ní Ìbàdàn ló lè ka ìdajì ìwé yìí fún ìyàwó tirẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju ohunkóhun lọ" kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n etí ti gbọ́ ọ sú.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí ìrántí bí ìlérí. Sọ ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ kan, kí o wá tibẹ̀ sọ ohun tí ìwọ náà yóò máa ṣe. Bí ìrántí kan kò bá rí ìlérí bí, fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá jókòó sílé. Nítorí náà, ìbéèrè rẹ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni àbí ìparí, kò sí níbì kankan nínú méjèèjì. Kí wọ́n wọnú ara wọn ni.

Nínú márùn-ún yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí ẹran lára rẹ̀. Alẹ́ tí ẹ fi rán aṣọ ẹbí, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Bàbá Ìbejì

Alága, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́. Òbí ló ń sun ẹkún ìyàwó fún, kì í ṣe ọkọ. Kò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi lẹ wà.

Alága Ọ̀tà

Mo fún yín ní ìyẹn, Bàbá. Ẹkún ìyàwó kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Ọ̀nà tí ó gbà ń dárúkọ ohun tí ojú rí ni mò ń tọ́ka sí.

Wáyà Mọ́níyà

Ẹ ṣé, Mọ̀mí Alága. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni. Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jó nírọ̀lẹ́, ó pè mí kí n wá wò ó. Mo tú u, wáyà inú rẹ̀ ti dúdú, kò ṣe é tún ṣe lálẹ́ yẹn. Aṣọ 14 ló ṣì wà nílẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ sì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Ó gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ti ìyá rẹ̀ jáde. Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá, iná lọ. Mo ní kí n máa tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Ká má parọ́, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo lajú, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi eyín dì í mú, ó ń fọwọ́ rán bọ́tìnnì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jí mi. Ó ní, "O ti gun òpó láàárọ̀."

Ìkejì tí n kò kọ ni pé ní 2023 mo ṣe iṣẹ́ ilé alájà kan fún ẹnì kan, mo fi owó ara mi ra wáyà, onítọ̀hún kò san owó. Mo wọ gbèsè. Mo fi pamọ́ fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó gbọ́, ó kó owó àjọ rẹ̀ wá, ó bá mi san án. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìlérí mi lórí ìyẹn ni pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ fún un mọ́ láé.

Sísí Ẹ̀gbá

O ní tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, o lọ ń kọ bọ̀ọ̀lì!

Ìyá Háwáù

Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọn kò tíì ṣègbéyàwó jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù di ìdájí, ìwọ yóò wá gba gbohùngbohùn níwájú àwọn bàbá ìyàwó láti sọ ọ́. O ò ní í rí ojú wọn ni? Ohun tí ìwọ gbọ́ ni bọ́tìnnì. Ohun tí àwọn gbọ́ yàtọ̀. Nígbà tí àwa ṣe tiwa, yìgì nìkan ni wọ́n so ní mọ́ṣáláṣí: wọ́n sọ ṣẹ̀dáákì, olùdúró fún mi sọ tirẹ̀, ọkọ mi gbà, ẹlẹ́rìí jẹ́rìí, ó parí. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọkọ mi kọ, ibi wálímà ló ti kà á, bàbá mi sì ti kọ́kọ́ gbà á wò. Ó fagi lé ìlà kan nínú rẹ̀.

Wáyà Mọ́níyà

Háà! N kò ronú kan ìyẹn. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì wà níbẹ̀ o, àwọn ni wọ́n ń lọ aṣọ.

Alága Ọ̀tà

Kọ wọ́n sínú rẹ̀ nígbà náà. "Ìwọ àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ méjì." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ti dáàbò bò ọ́, ó sì tún jẹ́ kí a rí ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa. Bí àwọn ọmọ yẹn bá wà níbi àsè, wọn yóò hó.

Ti owó àjọ yẹn ló ń já mi láyà. Ìyá rẹ mọ̀?

Wáyà Mọ́níyà

Kò mọ̀.

Alága Ọ̀tà

Yọ ọ́. Ìyá rẹ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ níbi tí ó ti jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun jẹ gbèsè, obìnrin ló san án. Yóò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yóò jókòó sínú rẹ̀, ìyàwó rẹ ni yóò sì ru ú.

Sísí Ẹ̀gbá

N kò bá Alága lọ níbi yìí. Ìlérí tó wà níbẹ̀ ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí ó ní. Obìnrin tó bá ti sanwó lórí ẹ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó fẹ́ gbọ́ níwájú ẹlẹ́rìí nìyẹn, kì í ṣe ti tọ́ọ̀ṣì. Kó yọ iye owó, kó yọ àjọ, kó yọ ẹni tó jẹ ẹ́. Kó sọ pé iṣẹ́ kan bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun sì fi pamọ́. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe tí kò dáa nìkan ni kó jẹ́wọ́. Àwọn méjèèjì ni yóò mọ ohun tó kù.

Ìyá Háwáù

Sísí sọ ọ́ re. Àṣírí ara rẹ ni kí o tú, má tú ti ẹlòmíràn.

Alága Ọ̀tà

Bí ó bá lè kọ ọ́ báyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi ọmọbìnrin náà léèrè. Ìyẹn kò ní ba adùn ìwé náà jẹ́. Ohun tó jẹ́ owó ẹni, kì í ṣe ohun tí à ń fi ya ẹni lẹ́nu.

Tíṣà Ìkìrun

Ẹ ti fi òfin pa ọmọkùnrin yìí. Kó má kọ nǹkan kan. Kó wo ojú ìyàwó rẹ̀, kó jẹ́ kí ọkàn sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó há a sórí. Ìwé kíkà máa ń gba adùn ọ̀rọ̀.

Ará Pẹ́kàmù

Tíṣà, èmi há a sórí. Ní gbọ̀ngàn ìjọba ní Ìlú Ọba níbí ni, àwọn ènìyàn 40 péré. Mo wo ojú ìyàwó mi bí ẹ ṣe wí, ó ti ń sunkún, gbogbo ohun tí mo há sì fò lọ. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n mú lójú ogun. Mo ní "mo… mo ṣèlérí…" títí ẹ̀gbọ́n mi fi kígbe láti ẹ̀yìn pé "Ó ṣèlérí!" Wọ́n ṣì ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Wáyà, kí o tún fi tìrẹ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ṣáájú o. Wọ́n gba tiwa wò, ìtumọ̀ èdè òyìnbó ti èyí tí mo kọ ní Yorùbá náà, wọ́n sì ní kí n yọ ibi tí mo ti gbàdúrà sí Ọlọ́run, nítorí pé ètò ìjọba kò gbọ́dọ̀ ní ìsìn nínú. Ìlà tí mo fẹ́ràn jù ni. Ọ̀rọ̀ tí òfin ní kí tọkọtaya sọ, ìyẹn kò ṣe é fọwọ́ kàn rárá, tiwa kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Alága Ọ̀tà

Ìyẹn jẹ́ ti Ìlú Ọba, Ará Pẹ́kàmù. Wáyà ń so tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi àsè ló sì ti fẹ́ kàwé. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò gbà á wò níbẹ̀. Bó bá fẹ́, kó gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn tó ń ṣe é ní ilé ìforúkọsílẹ̀ níbí náà ní ọ̀rọ̀ tí òfin ìgbéyàwó kọ fún wọn láti sọ níwájú ẹlẹ́rìí, tara ẹni kò lè rọ́pò rẹ̀.

Lórí kíkà, Tíṣà, bébà ni mo fara mọ́. Kì í ṣe fóònù, nítorí iná rẹ̀ máa ń kú, ìpè sì lè wọlé. Páálí tó tó àtẹ́lẹwọ́, kó kọ ọ́ gàdàgbà, kó fi àlàfo ńlá sí ibi tí yóò ti mí. Kí àmì ohùn wà lórí rẹ̀. Mo gbọ́ ọkọ ìyàwó kan tó kọ "emi ni oko re" láìsí àmì. Ẹ̀rù bà á, ó kà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, "èmi ni oko rẹ." Gbogbo abẹ́ àtíbàbà ní "ẹ kú iṣẹ́ oko!"

Tíṣà Ìkìrun

Ó dáa, mo fà á padà. Kó mú bébà dání. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, kó há méjèèjì, kó lè gbé ojú sókè nígbà tó bá ń sọ wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Wáyà. Àfẹ́sọ́nà mi fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Tí mo bá kọ "mo ṣèlérí fún yín", ó dà bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé. Tí mo bá sì kọ "fún ọ", ìyá rẹ̀ á gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì

"Ẹ" ni. Ohun tí o ń pè é nílé ni kí o pè é níta.

Sísí Ẹ̀gbá

Èmi lo "o" lọ́jọ́ tèmi, mo sì padà sí "ẹ" lọ́jọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni ò kú.

Ìyá Háwáù

Má lo ọ̀kankan níbi tó bá ti lè ṣe é. Pe oríkì rẹ̀, kí o sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn èèyàn: "Àkànní ló gbé mi lọ, Àkànní ló dúró tì mí." Níbi ìlérí nìkan ni kí o ti yíjú sí i. Ìyẹn kò ju ìlà mẹ́ta lọ, o lè fara da "ẹ" níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣé, mà. N ó gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ "n ó máa bọ̀wọ̀ fún yín" yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Wáyà Mọ́níyà

Mo ti padà dé. Mo bi àfẹ́sọ́nà mi léèrè lórí ti owó, mo ka ìlà yẹn nìkan fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kà á, kí n má sọ "àjọ". Èyí ni mo kọ báyìí:

"Àdùkẹ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mọ́tò ẹ̀rọ rẹ jó, aṣọ ẹbí 14 sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá kó láàárọ̀. Ìwọ àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ méjì wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí iná lọ. Mo ní kí n máa tan tọ́ọ̀ṣì fún yín. Mo sùn lọ. Nígbà tí mo lajú, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ, o fi eyín dì í mú, o ń rán bọ́tìnnì. O ò jí mi. O ní mo ti gun òpó láàárọ̀. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, n kò ní bi ọ́ pé oúnjẹ dà. Èmi ni n ó sè é. Èmi ni n ó sì di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí mo bá tún sùn, jí mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ kan bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi pamọ́ fún ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí o gbọ́, ohun tí o bi mí ni pé, 'Kí ló dé tí o fi dá a rù?' N kò ní dá a rù mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá kan àpò wa, ẹnu mi ni wàá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

N kò ní mú ọ sunkún láé, Àdùkẹ́. Mo sọ èyí níwájú ìyá rẹ, níwájú ìyá mi, níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa péjọ. Ìwọ ni mo yàn."

Sísí Ẹ̀gbá

Ó ti di ìwé. Ṣùgbọ́n "láé" yẹn ṣì jókòó síbẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Èmi tí n kò fẹ́ ẹ̀jẹ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti sọ fún ìyàwó mi, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé n kò ní jágbe mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo jágbe. Títí di òní, bí mo bá gbóhùn sókè díẹ̀, á ní, "Ṣé ìlérí yẹn nìyí?" Kì í ṣe ìbínú ló kù síbẹ̀ mọ́, ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Má ṣèlérí pé ohun kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ṣèlérí ohun tí wàá ṣe lẹ́yìn tó bá ṣẹlẹ̀. Kọ pé bí ẹ bá jà, o ò ní gbé e jáde síta kí o tó bá a sọ ọ́. Kọ pé o ò ní dákẹ́ mọ́ ọn. Ìdákẹ́ ló ń dun obìnrin ju ariwo lọ, ìyàwó mi ló sọ ọ́.

Ohun kejì: "èmi ni n ó sè é." Ọmọ mi, kí lo mọ̀ ọ́n sè?

Wáyà Mọ́níyà

Bàbá, ẹ̀bà àti ẹyin díndín.

Bàbá Ìbejì

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alága Ọ̀tà

Ẹ̀rín pa mí. Bàbá tó ní òun kò gbà ló tún ìwé ṣe jù. Wáyà, kọ ọ́ ní "èmi ni n ó wá ohun tí a ó jẹ." Bó o bá sè é, bó o bá lọ rà á ní ìsọ̀ olóúnjẹ, o ti san ẹ̀jẹ́. Kí o sì fi ohun tí Bàbá sọ rọ́pò "láé." Lẹ́yìn náà, dìde dúró, kà á sókè, kí o wo aago. Kíkà sínú kì í ṣe òṣùwọ̀n, àwọn èèyàn yóò rẹ́rìn-ín níbi tọ́ọ̀ṣì, wàá sì ní láti dúró dè wọ́n.

Ohun kan ló kù. Ta ló ti ka tìrẹ àti tirẹ̀ pọ̀? Bí tìrẹ bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí tirẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tàbí tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rín tí ìkejì jẹ́ omijé, kò ní dọ́gba. Ẹ wá ẹnì kan tí kò ní tú àṣírí fún ẹnikẹ́ni nínú yín.

Wáyà Mọ́níyà

Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí Wáàsáàpù ní àárọ̀ yìí. Mo ti kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí kò sí oníbàárà, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 50 ló jẹ́. Mo ti yọ "láé," mo fi èyí sí i: "Inú yóò bí mi, inú yóò bí ìwọ náà. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, n kò ní gbé ọ̀rọ̀ wa jáde kí n tó bá ọ sọ ọ́, n kò sì ní dákẹ́ mọ́ ọ."

Wàhálà tuntun ti dé ṣá. Àbúrò rẹ̀ ní gígùn àwọn méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n alẹ́ aṣọ ẹbí yẹn wà nínú ti ẹ̀gbọ́n òun náà.

Sísí Ẹ̀gbá

Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ yí i padà. Ẹni tó bá kà á ṣìkejì, yóò dà bí ẹni tó jí i wò.

Ìyá Háwáù

Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹni méjì bá yan alẹ́ kan náà láìfọ̀rọ̀ lọ ara wọn, mo rò pé àwọn tó jókòó ni yóò kọ́kọ́ sunkún.

Alága Ọ̀tà

Bi àbúrò rẹ̀ léèrè bóyá ohun kan náà ló sọ nípa alẹ́ náà. Má jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ o. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ti tó.

Wáyà Mọ́níyà

Ó ní "bẹ́ẹ̀ kọ́." Ó ní tọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo tún bi í, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò rántí pé òun fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, pé nǹkan tí èmi ṣe ní ìdájí ọjọ́ náà ló kọ. Èmi náà kò rántí pé mo ṣe nǹkan kan. Mo ti ń ronú láti àárọ̀, n kò rí i. N kò ní yí tèmi padà. Sísí Ẹ̀gbá, ẹ má bínú.